Ibi Tí Ọfà Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ tí Tísà Iná fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra aago ògiri fún un, wọ́n bá a ya fọ́tò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá fisíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé aago náà kọ́ sí pálọ̀. Láti ìgbà náà, aago yẹn ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú ilé.

Tísà Iná kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló fún un. Bí kíláàsì tuntun bá ti jókòó, kí wọ́n tó ráyè ṣí ìwé, á pa iná yàrá, á tún tàn án, á wá bi wọ́n pé, "Kí ló wọlé báyìí?" Wọ́n á ní, "Iná ni, sà." Á ní, "Mo mọ̀ pé iná ni. Kí ni iná?" Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi bèèrè ìbéèrè yẹn, kò sì sú u. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán ló rí i pé kò sẹ́ni tó kù tí òun lè bi.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọbìnrin, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí ti bàbá rẹ̀ bá ń ṣú. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń pè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti fún un lọ́rùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju kan náà lọ: "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín? Ó dáa, mo ti fẹ́ wọṣẹ́." Bàbá á ní gbogbo nǹkan dáa. Á gbé fóònù sílẹ̀, á wá rántí ohun tó fẹ́ sọ.

Yàrá méjì ló ń gbé, ní àjà kejì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Láàárọ̀, á gbé omi ka iná, á gé búrẹ́dì, á ṣí rédíò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá rédíò lóhùn. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa," á ní, "A à jíire bí?" Ọkùnrin tó ń gbé lójúkojú rẹ̀ máa ń kí i lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kí "ẹ káàárọ̀ sà" yẹn tó parí lẹ́nu rẹ̀, ó ti dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀sán ni Tísà máa kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì há, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ilé ìkàwé ló ti rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ibùdó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wá àwọn tó máa ka ìwé ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Ó kà á, ó kọjá lọ, ó tún padà wá kà á. Ọjọ́ kejì ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó lọ.

Obìnrin tó ń ṣe ọ̀gá ibẹ̀ dìde fún un nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tó ti ṣe.

"Fisíìsì kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Ẹni tó ń ka lítíréṣọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń ka ètò ọrọ̀ ajé wà. Bí a bá ti dárúkọ fisíìsì, gbogbo wọn á rántí pé àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ. Wọ́n ní àwòrán ti pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Àwòrán ló dùn jù nínú ẹ̀," Tísà dáhùn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnì kan ti wà nílẹ̀ fún un.

Ẹni yẹn ni ọ̀dọ́mọbìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ohùn. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé fóònù níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá pe ilé ìwòsàn náà, ohùn tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ṣe sọ ọ́ ní Ohùn. Wọn ò bí i ní afọ́jú. Àìsàn ló mú ojú rẹ̀ lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó dúró, ó sunkún, ó kọ́ bíréèlì, ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà, ó wáṣẹ́. Ní báyìí ó fẹ́ wọ yunifásítì, fisíìsì ló sì fẹ́ kà. Nígbà tí Tísà bi í pé kí ló dé tó jẹ́ fisíìsì, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà, kí ló mú yín kà á?" Ìbéèrè náà dùn mọ́ Tísà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é bákan pé òun rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ nínú yàrá náà bíi ti àlejò.

Òfin iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó mú. Ẹni tó ń kàwé á ka ìbéèrè bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí àwòrán bá wà, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pè ló máa kọ. Kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, kò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ "hẹn-ẹn" lọ́nà tó máa fi hàn pé ó dáa tàbí kò dáa.

Tísà kò lè ṣe é. Lọ́sàn-án àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dánra wò, kò tíì ka ìbéèrè dé àárín tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ohùn jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.

"Ẹ ṣeun sà. Ó yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn kà á. Tí ẹ bá ń ṣe báyìí lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á lé àwa méjèèjì síta."

"Má bínú. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni."

"Ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu náà."

Ó fẹ́ bínú, ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a ṣeré.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ wọn bá ti pé, Tísà á ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Á tún tábìlì ṣe, á gbọn eruku àga. Ohùn á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé ọ̀pá funfun rẹ̀ ti ògiri, á yọ bàtà lábẹ́ tábìlì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka iná mànàmáná, wọ́n ka ooru, wọ́n ka ìró. Ó mọ ìró ju ibi tí ìwé dé lọ. Kò sí bí èèyàn ò ṣe ní mọ̀ ọ́n tó bá ń gbé fóònù látàárọ̀. Ibi ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ti kọsẹ̀.

"Mo lè ṣe ìṣirò ẹ̀," Ohùn sọ lọ́jọ́ kan. "Mo ń ṣe é, ó ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ mí lára. Ẹ ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ìmọ́lẹ̀ gba inú méjèèjì kọjá, ó wá di ìlà lójú ògiri. Ìlà kan mọ́lẹ̀, ìlà kan ṣú. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe máa kún ìmọ́lẹ̀ tí ibẹ̀ máa ṣú?"

Ìdánrawò ni wọ́n wà, kì í ṣe ìdánwò, nítorí náà Tísà gba ara rẹ̀ láyè.

"Ìgbì ni. Ìwọ náà mọ ìgbì. Láti ihò òkè dé ibì kan lójú ògiri, ìrìn kan ni. Láti ihò ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀ kan náà, ìrìn mìíràn ni. Ọ̀kan sábà máa ń gùn ju èkejì lọ. Ohun tó fi gùn jù ú lọ là ń pè ní ìyàtọ̀ ọ̀nà. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá jẹ́ odindi ìgbì kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta, àwọn ìgbì méjèèjì á jọ gòkè, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ ìgbì, tàbí ọ̀kan àtààbọ̀, tàbí méjì àtààbọ̀, nígbà tí ọ̀kan ń gòkè lèkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ibẹ̀ á ṣú."

"Ní àárín gbùngbùn ńkọ́?"

"Ìrìn méjèèjì dọ́gba níbẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ó máa ń mọ́lẹ̀."

Ohùn mi orí, ṣùgbọ́n Tísà rí i pé kò tíì wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ó gbé páálí kan dání àti àpò kékeré kan. Dígí kan wà nínú àpò náà tó ti pẹ́ nílé, tó ti fi ọ̀dà dúdú kùn fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ olùkọ́. Ó ti fi bíléèdì méjì tó fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sí láàrin ha á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wọn ìlà méjèèjì, tó dúró fún ihò méjì náà: 0.25 milimítà ni ọ̀kan fi jìnnà sí èkejì. Ó fa kọ́tìnnì ibùdó. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lésà pupa kan sórí òkìtì ìwé, ó gbé dígí síwájú rẹ̀, ó sì lẹ páálí mọ́ ògiri ní mítà mẹ́ta sí dígí náà. Àwọn ìlà pupa yọ lójú páálí, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Ó dúró wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí wọn kẹ́yìn.

"Tísà, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀."

Ó mú pínnì, ó gún un mọ́ àárín ìlà kan tó mọ́lẹ̀. Ó gún òmíràn mọ́ àárín ìlà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ti gún mẹ́fà, ó fa Ohùn lọ́wọ́ wá síwájú páálí, ó fún un ní rúlà tí wọ́n gbẹ́ àmì sí lára fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kàwé.

Ohùn kan pínnì àkọ́kọ́, ó kan èkejì, ó kan gbogbo wọn lọ, ó kàn wọ́n bọ̀.

"Àlàfo wọn dọ́gba."

"Má wọn ẹyọ kan. Wọ́n gbogbo ẹ̀ papọ̀, kó o wá pín in. Àṣìṣe ọwọ́ á kéré sí i."

Ó wọ̀n ọ́n. "Mọ́kàndínlógójì. Pínnì mẹ́fà, àlàfo márùn-ún. 7.8 milimítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan." Àwọn ìka rẹ̀ ṣì wà lórí pínnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò láìgbé ohùn sókè. "Kí ni gígùn ìgbì lésà yìí?"

"Wọ́n kọ 650 nanomítà sí i lára."

"Gígùn ìgbì, lọ́nà bí ògiri ṣe jìnnà tó, ká wá fi àlàfo ihò méjèèjì pín in. 650 nanomítà lọ́nà mítà mẹ́ta, ká fi 0.25 milimítà pín in..." Ó gbé orí sókè. "7.8 náà ni. Tísà, 7.8 náà ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ihò méjèèjì bá tún sún mọ́ra sí i, àwọn pínnì yìí á jìnnà síra wọn?"

"Wọ́n á jìnnà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí àwọn pínnì náà kọjá. Ìmọ́lẹ̀ pupa bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó tò síbẹ̀ ní ìlà ìlà, kò sì mọ̀.

"Nígbà tí mo ríran," ó ní, "mi ò rí èyí rí."

Tísà ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ríran ò rí i. Ó fẹ́ sọ pé ìyàwó òun rí i lẹ́ẹ̀kan, nínú yàrá òkùnkùn báyìí, kí wọ́n tó fẹ́ra wọn, ó sì bi í pé ṣé ohun tó pe òun wá wò náà nìyẹn. Kò sọ ọ́. Ó ṣí kọ́tìnnì.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ibùdó ìdánwò fún wọn ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Tábìlì kan, àga mẹ́ta. Alábòójútó tí wọ́n fún wọn jẹ́ obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà tó sì ń fi ojú rìn lórí ìwé òfin bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí òun ò bá bèèrè," ó sọ fún Tísà. "Tí ẹ bá ti ka ìbéèrè tán, ẹ dákẹ́. Ohun tó bá pè ni kí ẹ kọ. Ṣé ó yé yín sà?"

"Ó yé mi, mà."

Ohùn gbé ẹ̀rọ bíréèlì rẹ̀ kékeré síwájú fún ìṣirò tirẹ̀.  Tísà fa ìwé ìbéèrè sọ́dọ̀. Ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́, Ohùn dáhùn. Ó ka èkejì. Wọ́n ń bá a lọ bí wọ́n ti fi kọ́ra, ohùn kan ń kà, ohùn kan ń pè, bírò ń lọ lórí ìwé. Tísà wá ṣí ojú ewé, ó rí àwòrán ihò méjì.

Inú rẹ̀ dùn bíi pé ó rí ojúlùmọ̀ lójú títì. Ó ti ya irú rẹ̀ sójú pátákó láìníye. Ó kà á:

"Nínú àwòrán yìí, ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 600 nanomítà gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kọjá, ó bọ́ sójú pátákó tó wà ní mítà 2.0 sí wọn. Apá kìíní: ṣírò àlàfo láàrin ìlà ìmọ́lẹ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Apá kejì: ibi tí a pè ní P wà ní 6.0 milimítà sí àárín pátákó. Ṣírò ìyàtọ̀ ọ̀nà láti ihò méjèèjì dé P, kí o sì sọ bóyá P wà nínú ìlà ìmọ́lẹ̀ tàbí ìlà òkùnkùn."

Ó wá sọ àwòrán náà. Ó ní ihò méjì wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀; pátákó wà lọ́wọ́ ọ̀tún; P wà lókè àárín pátákó. "Láàrin ihò méjèèjì," ó ní, "àmì ọfà kan wà, wọ́n kọ 0.25 milimítà sí i."

Ohùn tẹ bíréèlì rẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

"Ẹ kọ ọ́: àlàfo ìlà, 4.8 milimítà."

Tísà kọ ọ́. Bí ó ti ń kọ ọ́ lọ, ojú rẹ̀ padà sí àwòrán, ó rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ìlà kan tí wọ́n gé ní kéékèèké wà tó ti àárín àwọn ihò lọ dé àárín pátákó. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ó máa ń yà á fúnra rẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lójú débi pé kò kà á sí nǹkan. Ọfà náà ò ti ihò kan dé ihò kejì. Láti orí ìlà àárín yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, ihò òkè ló parí sí. 0.25 yẹn, ààbọ̀ ni. Àlàfo ihò méjèèjì jẹ́ 0.5.

 Kì í ṣe Ohùn ló ṣìnà. Ẹnu tirẹ̀ ló ṣì í lọ́nà. Ó la ẹnu. Alábòójútó gbé ìka sókè.

"Mà, mo fẹ́..."

"Ṣé ó bi yín ní ìbéèrè, sà?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n..."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà." Ohùn tí obìnrin náà fi sọ ọ́ kò le, ṣùgbọ́n ó dà bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì. "Ó ti fún yín ní ìdáhùn. Tí ẹ bá wá tún nǹkan ṣe lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ ìdáhùn, mo máa kọ ọ́ pé ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ."

Ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fagi lé ìwé ọmọ náà látòkè délẹ̀. Ohùn ti yí orí sápá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó ń tẹ́tí. Tísà di bírò mú. Ó jókòó sáàrin èèyàn méjì, ó sì dá wà ju bó ṣe ń dá wà nínú yàrá rẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó ń ronú pé bóyá kí òun ṣáà sọ ọ́, kí wọ́n lé òun síta. Ó tún ronú pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n máa lé.

"Apá kejì," Ohùn sọ, díẹ̀díẹ̀. "Ìyàtọ̀ ọ̀nà. Àlàfo ihò, lọ́nà bí P ṣe jìnnà sí àárín, ká fi mítà méjì pín in. 0.25 lọ́nà 6.0..." Bíréèlì ń dún. "750 nanomítà. Ẹ má tíì kọ ọ́."

Tísà gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"750," Ohùn tún sọ. "Ká fi 600 pín in. Ọ̀kan àti ìdámẹ́rin." Ìka rẹ̀ padà sórí àmì bíréèlì, ó kà á, ó tún un kà. "Ọ̀kan àti ìdámẹ́rin kẹ̀? Kì í ṣe odindi. Kì í ṣe ààbọ̀. Kò mọ́lẹ̀ tán, kò ṣú tán. Wọ́n sì ní kí n sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ ni tàbí òkùnkùn."

 Nínú gbọ̀ngàn, ẹnì kan wúkọ́. Tísà ń wo ọwọ́ Ohùn, ó ń gbàdúrà láìgbé ètè.

"Ẹ tún apá kejì kà fún mi."

Ó kà á. 

"Bóyá ìmọ́lẹ̀ tàbí òkùnkùn," Ohùn sọ tẹ̀ lé e. "Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Nǹkan kan ò tọ̀nà nínú ohun tí mo mú bẹ̀rẹ̀." Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. "Gígùn ìgbì, wọ́n sọ ọ́. Mítà méjì, wọ́n sọ ọ́. 6.0, wọ́n sọ ọ́. Èyí tó wá láti inú àwòrán ni mo ń bèèrè. Ọfà tó ní 0.25 lára yẹn, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí?"

Tísà wo alábòójútó. Obìnrin náà mi orí pé kó dáhùn.

"Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kan tí wọ́n gé ní kéékèèké," ó ní, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń gbé ife omi tó kún. "Ìlà yẹn ti àárín àwọn ihò méjèèjì lọ dé àárín pátákó. Ọfà náà parí sí ihò òkè."

Ohùn tún tẹ bíréèlì rẹ̀.

"Ààbọ̀ ni wọ́n fún wa," ó ní. "Ẹ fagi lé 4.8. Àlàfo ihò jẹ́ 0.5 milimítà. Àlàfo ìlà, 2.4 milimítà. Apá kejì: ìyàtọ̀ ọ̀nà, 1500 nanomítà. Ìgbì méjì àtààbọ̀. P wà nínú ìlà òkùnkùn." Ó tún fi ìka ka nǹkan. "Ẹ dúró. 6.0, ká fi 2.4 pín in: méjì àtààbọ̀. Ó bára mu. Ẹ kọ ọ́ sà, a lè kọjá síbi tó kàn."

Ó kọ ọ́. Ó kọ gbogbo èyí tó kù pẹ̀lú, ó sì ń wo gbogbo ọfà láti ìdí dé orí kó tó sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀ọ̀dẹ̀ ti kún fún àwọn tó ń bára wọn jiyàn lórí ìdáhùn. Tísà mú Ohùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Èmi ni mo fi ìlà yẹn sílẹ̀. Mo rí i lẹ́yìn tó o ti pe ìdáhùn. Wọn ò jẹ́ kí n sọ."

"Mo gbọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí mo fi ṣírò apá kejì." Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. "Tísà, tí wọn ò bá bèèrè apá kejì ńkọ́?"

Tísà mọ èsì rẹ̀. Wọn ì bá ti kọjá lọ. Ohùn ì bá ti ka 4.8 sí òótọ́ títí ayé, orí ọ̀rọ̀ Tísà ló sì gbé e lé.

"Mi ò bá yín jà," Ohùn sọ. "Mo kàn ń ronú nípa àwọn ọfà tó kù nínú ayé mi ni. Àwọn tí wọ́n ti sọ fún mi, tí mo gbà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti dé pẹ̀lú mọ́tò. Ó kí Tísà, ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ. Ohùn ju ọwọ́ sápá ibi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni.

Tísà rìn lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà kún inú rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun: bí ọmọ náà ṣe fi ìdámẹ́rin ìgbì kan mọ̀ pé àwòrán tí kò rí ti daru. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Dádì, ṣé kò sí nǹkan o? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Kò sí nǹkan. Ìbéèrè kan ló wà nínú ìdánwò lónìí, ihò méjì..."

"Dádì, mo máa pè yín padà. Ẹ jẹun o."

Ó gé búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Èsì jáde nígbà tí òjò ti ń rọ̀. Ohùn pè é láti ilé ìwòsàn, ó fi ohùn iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ sà, ilé ìwòsàn ló ń pè. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ti wọlé." Tísà pariwo débi pé ẹni tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ fi igi gbá àjà. Yunifásítì náà jìnnà, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ. Ohùn lọ láìpẹ́. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ fún un nípa yàrá fisíìsì wọn, nípa olùkọ́ kan tó ń kígbe sí i bíi pé etí ló di. Lẹ́yìn náà, ó pẹ́ kó tó tún pè. Tísà ò dá a lẹ́bi. Ó mọ bí ọ̀dọ́ tó rí ibi tó fẹ́ ṣe máa ń rí.

Ó ṣì ń lọ sí ibùdó. Kò sí ẹni tó ń ka fisíìsì níbẹ̀ báyìí. Ọ̀gá ní bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán inú ìwé ìdánwò àtijọ́ sórí páálí, ó ń fi gọ́ọ̀mù nípọn fa ìlà wọn kí wọ́n lè yọ sókè fún ìka. Ọ̀gá fún un ní kọ́bọ́ọ̀dù kan láti máa kó wọn sí. Àwòrán ihò méjì ló kọ́kọ́ yà. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó di ojú rẹ̀, ó fi ìka wá ọfà náà. Kò tètè rí i. Ó kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára pátákó, ó padà, ó ṣì ihò ìsàlẹ̀ mú fún tòkè. Nígbà tó wá rí ìdí ọfà, kò lè sọ bóyá orí ìlà àárín ló ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó la ojú, ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún un fà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé, ó wọ kóòtù rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì gbé ojú kúrò lára fóònù.

"Ó dàárọ̀ o, Tísà."

"Ó dàárọ̀," ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀. Ó tún un sọ kó lè já gaara, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti padà sídìí fóònù rẹ̀.